Bí a ṣe ń fi bọ́tìnì PrtSc ya àwòrán gbogbo ojú kọ̀ǹpútà Windows, àti ibi tí àwòrán náà ń lọ

Ẹ̀sùn kan náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lo kọ̀ǹpútà alágbèéká máa ń fi kan bọ́tìnì tí wọ́n kọ PrtSc sí lára: wọ́n tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Wọn kò gbọ́ ìró kankan, wọn kò sì rí àwòrán kankan. Wọ́n tún un tẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ́, pàbó ni. Wọ́n á wá gbà pé bọ́tìnì náà ti bàjẹ́, wọ́n á sì gbé fóònù láti fi ya ojú kọ̀ǹpútà, àwòrán tí yóò jáde yóò sì kún fún ìlà wínníwínní, tí dídán ojú kọ̀ǹpútà yóò sì ti bo àwọn ọ̀rọ̀ kan mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, lọ́pọ̀ ìgbà, kọ̀ǹpútà ti ya àwòrán náà ní kété tí wọ́n fọwọ́ kan bọ́tìnì. Ibi tó gbé e sí ni wọn kò mọ̀. Ibi tí àwòrán ń lọ yìí gan-an ni ìdààmú wà, òun sì ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rí bọ́tìnì náà ná. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká, ìlà òkè pátápátá ni ó wà, ní apá ọ̀tún, nítòsí F12, Insert tàbí Delete. Lórí àwọn kan, bíi púpọ̀ nínú àwọn ThinkPad, ìlà ìsàlẹ̀ ni wọ́n fi í sí, láàárín Alt àti Ctrl apá ọ̀tún. Ohun tí wọ́n kọ sí i lára kì í sì í bára mu: ó lè jẹ́ PrtSc, PrtScn, PrtScr tàbí Print Screen, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Orúkọ yìí ti wà láti ayé àtijọ́. Ó ti wà lórí kíbọọ̀dù kọ̀ǹpútà IBM tó jáde ní ọdún 1981, iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà sì ni láti fi ọ̀rọ̀ tó wà lójú kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kí ó jáde lórí bébà. Lórí Windows, bọ́tìnì náà kì í tẹ ohunkóhun sórí bébà mọ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ máa dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé.

Ohun tó ń da ènìyàn láàmú ni pé ọ̀nà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwòrán lè gbà, gẹ́gẹ́ bí a bá ṣe tẹ bọ́tìnì náà àti gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí Windows tó wà nínú kọ̀ǹpútà bá ṣe rí. Bí a bá tẹ PrtSc nìkan lórí Windows 10 tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, inú iyè kọ̀ǹpútà ni àwòrán máa ń lọ, kò sì ní hàn síta. Bí a bá di bọ́tìnì Windows mú kí a tó tẹ PrtSc, àwòrán yóò di fáìlì, kọ̀ǹpútà yóò sì tọ́jú rẹ̀ sínú fódà kan fúnra rẹ̀. Bí ó bá sì jẹ́ Windows 11 tí wọ́n ti ṣe àtúnṣe sí láti ọdún 2023 síwájú, PrtSc nìkan lè ṣí irinṣẹ́ kan tó ń béèrè apá tí a fẹ́ yà nínú ojú kọ̀ǹpútà. N ó mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ti àkọ́kọ́ ni ó máa ń jọ bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ bá tẹ PrtSc nìkan, kọ̀ǹpútà yóò ya gbogbo ohun tó wà níwájú yín ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn, láti igun kan dé ìkejì, yóò sì fi í sí ibi ìpamọ́ ìgbà díẹ̀, níbi kan náà tí ọ̀rọ̀ máa ń lọ bí a bá fi Ctrl àti C ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Kò tíì di fáìlì, nítorí náà kò sí fódà tí ẹ lè ṣí kí ẹ bá a níbẹ̀. Láti rí i, ẹ ní láti gbé e jáde sínú ohun tó lè gba àwòrán, èyí tó sì rọrùn jù ni Paint, tó ti máa ń wà nínú Windows tẹ́lẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, èyí tó ní àmì fèrèsé alápá mẹ́rin ní ìsàlẹ̀ apá òsì kíbọọ̀dù, lẹ́yìn náà kí ẹ kọ paint, kí ẹ sì tẹ Enter. Bí Paint bá ti ṣí, ẹ fi ìka kan di Ctrl mú, kí ẹ má tíì fi í sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìka mìíràn tẹ V lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán náà yóò yọ sí yín lójú. Láti sọ ọ́ di fáìlì, ẹ di Ctrl mú kí ẹ tẹ S, ẹ fún un ní orúkọ, ẹ wo fódà tí ó fẹ́ tọ́jú rẹ̀ sí dáadáa, kí ẹ tó tẹ Save. Bí ó bá béèrè irú fáìlì tí ẹ fẹ́, PNG ni kí ẹ yàn, nítorí lẹ́tà kéékèèké máa ń mọ́ kedere nínú rẹ̀, nígbà tí JPEG máa ń mú kí etí wọn ṣe bàìbàì.

Paint nìkan kọ́ ló lè gbà á. Bí ẹ bá ń kọ lẹ́tà nínú Word, tàbí tí ẹ ń kọ ímeèlì, ẹ lè tẹ ibi tí ẹ fẹ́ kí àwòrán wà, kí ẹ sì tẹ Ctrl àti V níbẹ̀ tààrà, láì kọ́kọ́ sọ ọ́ di fáìlì rárá. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó fẹ́ lo àwòrán náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí kò sì fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pẹ́.

Àmọ́ ibi ìpamọ́ ìgbà díẹ̀ yìí ní ààlà tó yẹ kí a mọ̀. Ẹ rí i bí ọwọ́ tí kò lè mú ju ohun kan ṣoṣo lọ: bí ó bá fẹ́ gba òmíràn, ó di dandan kí ó ju ti ìṣáájú sílẹ̀. Ẹni tó bá tẹ PrtSc lẹ́ẹ̀mẹta tẹ̀léra wọn, kí ó tó lọ sí Paint, àwòrán ìkẹta nìkan ni yóò bá. Ẹni tó bá ya àwòrán, tó wá fi Ctrl àti C ṣe ẹ̀dà nọ́ńbà fóònù kan lẹ́yìn náà, nọ́ńbà ni yóò jáde nígbà tó bá tẹ Ctrl àti V, àwòrán ti lọ. Bí a bá sì pa kọ̀ǹpútà, tàbí tí bátìrì rẹ̀ kú pátápátá, ohun tó wà níbẹ̀ ti sọ nù nìyẹn. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ PrtSc nìkan ni ẹ fẹ́ lò, ẹ ya ọ̀kan, kí ẹ gbé e jáde, kí ẹ tó ya òmíràn.

Ọ̀nà kejì ni mo máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn láti fi kọ́ ọwọ́ rẹ̀, nítorí kì í béèrè pé kí a gbé ohunkóhun jáde. Ó ti wà láti ìgbà Windows 8, tó jáde ní ọdún 2012. Ẹ fi ìka kan di bọ́tìnì Windows mú, ẹ má fi í sílẹ̀, kí ẹ sì fi ìka mìíràn tẹ PrtSc lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà kí ẹ fi méjèèjì sílẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ojú rẹ̀ yóò ṣókùnkùn díẹ̀ fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí kí ó má tó bẹ́ẹ̀, yóò sì mọ́lẹ̀ padà. Òkùnkùn ráńpẹ́ yẹn ni àmì pé àwòrán ti wọlé. Àwọn kọ̀ǹpútà kan wà tí wọ́n ti pa irú ìṣípòpadà bẹ́ẹ̀ lórí wọn, tí òkùnkùn náà kò sì ní hàn. Ohun tó dá ènìyàn lójú ju òkùnkùn lọ ni kí a lọ wo fódà.

Láti dé fódà náà, ẹ di bọ́tìnì Windows mú kí ẹ tẹ E. Ní apá òsì ohun tó ṣí, ẹ ó rí Pictures; ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì ṣí fódà tí wọ́n kọ Screenshots sí, tó wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ ni yóò dá fódà yìí sílẹ̀ ní ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá lo ọ̀nà yìí, nítorí náà kí àyà má ja ẹni tó bá wò ó ṣáájú tí kò rí i. Àwòrán àkọ́kọ́ yóò máa jẹ́ Screenshot (1).png, èyí tó tẹ̀ lé e yóò jẹ́ Screenshot (2).png, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ bá pa àwọn kan rẹ́, nọ́ńbà kò ní padà sẹ́yìn: ẹni tó pa gbogbo àwòrán mẹ́sàn-án tó ní rẹ́ yóò bá Screenshot (10).png nígbà tó bá tún ya òmíràn, kì í ṣe pé kọ̀ǹpútà fi mẹ́sàn-án yòókù pamọ́ síbì kan.

Ní ti ọ̀nà kẹta, Windows 11 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn jù. Bí ẹ bá tẹ PrtSc nìkan tí gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn tí kò sì mọ́lẹ̀ padà, tí àwọn àmì kéékèèké kan sì tò sókè láàárín, ẹ má bẹ̀rù, kọ̀ǹpútà kò dákú. Irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Snipping Tool ló ṣí, ó sì ń dúró de yín kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ yà. Nínú àwọn àmì òkè wọ̀nyẹn, ẹ wá Full screen, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́; bí kò bá hàn síta, ẹ tẹ àmì tó ní ọfà kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ ó rí i nínú àkójọ tó ṣí. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ni yóò yà. Bí ẹ bá yí ọkàn padà, ẹ tẹ Esc, yóò sì kúrò lọ. Ẹni tí kò fẹ́ irinṣẹ́ yìí, tó fẹ́ kí PrtSc máa ṣe bíi ti àtijọ́, lè di bọ́tìnì Windows mú kí ó tẹ I, kí ó wọ Accessibility, kí ó wọ Keyboard, kí ó sì pa ohun tó sọ̀rọ̀ nípa Print screen níbẹ̀. Àmọ́ kò pọn dandan: bọ́tìnì Windows pẹ̀lú PrtSc ṣì ń ṣiṣẹ́ bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lókè, yálà irinṣẹ́ yìí wà ní títàn tàbí ní pípa.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí a sọ pé ìyá kan ní Ìbàdàn ń san owó ìforúkọsílẹ̀ ìdánwò ọmọ rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ó ti sanwó tán, ojú ewé tó jẹ́rìí sí i pé owó ti wọlé sì ti yọ: orúkọ ọmọ wà lókè, iye owó wà láàárín, nọ́ńbà ìsanwó sì wà nísàlẹ̀. Ó mọ̀ pé bí òun bá ti ojú ewé yìí, ó lè má ṣí mọ́. Àwòrán gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ló wúlò fún un jù níbí, nítorí kì í ṣe nọ́ńbà ìsanwó nìkan ni yóò mú. Yóò mú àdírẹ́sì ojú ewé náà lókè, yóò sì mú déètì àti aago tó wà ní igun ọ̀tún nísàlẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá wá jiyàn lọ́la pé kò sanwó, nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà nínú àwòrán kan.

Ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ni kí ó wò bóyá gbogbo ohun tó nílò ló hàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́tìnì yìí kì í ya ohun tí ojú kò rí. Bí nọ́ńbà ìsanwó bá wà nísàlẹ̀ ibi tí ojú ewé dé, tó jẹ́ pé ènìyàn ní láti fà á sókè kí ó tó rí i, kò ní sí nínú àwòrán. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí ojú rẹ̀ kéré, nọ́ńbà náà kò sì hàn. Ó di Ctrl mú, ó sì tẹ àmì ìyọkúrò, ìyẹn ilà kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdo, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, títí tí ojú ewé náà fi súnkì tí nọ́ńbà sì fi yọ. Bí ó bá ti súnkì jù tí kò ṣeé kà mọ́, ohun tó dára ni kí ó ya méjì: ọ̀kan fún òkè, ọ̀kan fún ìsàlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ni kí ó wo ohun tí kò yẹ kí ẹlòmíràn rí. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ni a ń sọ, bí ojú ewé ilé ìfowópamọ́ bá sì wà ní ṣíṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí iye owó inú àkáǹtì hàn, tàbí tí ọ̀rọ̀ Wọ́sáàpù ẹnìkan bá yọ sí igun, gbogbo rẹ̀ ni yóò wọ inú àwòrán. Ó ti ojú ewé ilé ìfowópamọ́ náà, ó dúró títí ọ̀rọ̀ tó yọ sí igun fi lọ, ó wá di bọ́tìnì Windows mú, ó sì tẹ PrtSc. Ojú kọ̀ǹpútà ṣókùnkùn, ó mọ́lẹ̀. Kò tíì ti ojú ewé ìsanwó náà o. Ó di bọ́tìnì Windows mú, ó tẹ E, ó wọ Pictures, ó wọ Screenshots, ó ṣí Screenshot (7).png, ó sì ka nọ́ńbà ìsanwó náà láti inú àwòrán, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pé ó bá ti ojú ewé mu. Ìgbà yẹn ló tó ti ojú ewé náà. Ní ìkẹyìn, ó tẹ fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ F2, ó sì yí orúkọ rẹ̀ padà sí ohun tí yóò rántí, nítorí Screenshot (7) kò ní sọ nǹkan kan fún un ní oṣù mẹ́fà sí i.

Ó kù díẹ̀ nínú àwọn ohun tó lè dí ènìyàn lọ́wọ́. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni pé PrtSc àti iṣẹ́ mìíràn jọ wà lórí bọ́tìnì kan ṣoṣo. Bí ẹ bá rí i pé PrtSc ni wọ́n fi lẹ́tà kékeré kọ, tàbí tí wọ́n fi àwọ̀ mìíràn kọ ọ́ lábẹ́ Insert, Delete tàbí F kan, ẹ wá bọ́tìnì Fn ní ìsàlẹ̀ apá òsì, ẹ di òun náà mú pọ̀ mọ́ bọ́tìnì Windows, kí ẹ tó tẹ PrtSc. Bí kíbọọ̀dù yín kò bá ní PrtSc rárá, ẹ di Fn àti Windows mú, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnì gígùn tó ń fi àlàfo sáàárín ọ̀rọ̀. Lórí àwọn kan nínú irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ kan náà ni yóò ṣe.

Èkejì ni fódà tó ṣófo. Bí òkùnkùn ráńpẹ́ náà bá hàn, ṣùgbọ́n tí ẹ kò bá àwòrán ní Pictures, ẹ wo apá òsì bóyá OneDrive wà níbẹ̀, kí ẹ ṣí i, kí ẹ wọ Pictures ti inú rẹ̀, kí ẹ sì wọ Screenshots. OneDrive ni ibi ìpamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bá Windows wá, ó sì lè ti gba fódà Pictures sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́kọ́ tan kọ̀ǹpútà náà. Àwòrán kò sọ nù. Ó kàn wà ní Pictures kejì ni. Ó yẹ kí ẹ mọ èyí fún ìdí mìíràn pẹ̀lú: ohun tó bá wà nínú fódà yẹn lè gun orí íńtánẹ́ẹ̀tì lọ fúnra rẹ̀, nítorí náà kí ẹ má ṣe ya ọ̀rọ̀ aṣínà kankan síbẹ̀.

Bí ẹ bá sì ya fíìmù tó ń lọ lọ́wọ́ lórí irú ìkànnì tí a ń sanwó oṣooṣù fún, tí gbogbo rẹ̀ yọ sí dúdú, kíbọọ̀dù yín kọ́. Àwọn tó ni fíìmù náà ló dí i mọ́ ẹ̀rọ kí a má baà ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ má sì retí ọfà máọ̀sì nínú àwòrán, PrtSc kì í mú un. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́ka sí ibì kan ní láti fi Paint ya àmì sí i. Bí kọ̀ǹpútà bá sì so mọ́ ojú mìíràn, bí irú èyí tí wọ́n ń lò ní ọ́fíìsì, ojú méjèèjì ni yóò wà nínú àwòrán kan ṣoṣo, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà náà, Alt pẹ̀lú PrtSc ló yẹ, nítorí fèrèsé kan ṣoṣo tí ẹ ń lò lọ́wọ́ ni yóò yà. Inú ibi ìpamọ́ ìgbà díẹ̀ ni yóò sì lọ, bíi ti ọ̀nà àkọ́kọ́, kí ẹ gbé e jáde pẹ̀lú Ctrl àti V.

Ìyá tí a fi ṣe àpẹẹrẹ lè fẹ́ fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé ẹ̀kọ́ láti orí Wọ́sáàpù kọ̀ǹpútà. Bí ó bá fi í ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fọ́tò, Wọ́sáàpù lè dín in kù, tí àwọn nọ́ńbà kéékèèké yóò sì di bàìbàì lójú ẹni tó gbà á. Kí ó tẹ àmì tí a fi ń so fáìlì mọ́ ọ̀rọ̀, kí ó yan Document dípò fọ́tò, kí ó sì mú fáìlì náà láti inú fódà Screenshots. Bí ó ṣe yà á ni yóò ṣe dé ọwọ́ wọn.